Orí Keje: Ọjọ́-orí Àwọn Olùsọ̀rọ̀ àti Àyípadà Èdè Tó Ń Lọ Lọ́wọ́

Àfojúsùn

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:
1. ṣàlàyé ohun tí ìgbà àfarahàn jẹ́, kó sì fi ìyàtọ̀ hàn láàárín rẹ̀ àti ìgbà gidi;
2. gbé ètò ìwádìí kalẹ̀ lórí ẹyọ ìró kan nínú ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà;
3. sọ ìdí tí ìyàtọ̀ láàárín àgbà àti ọmọdé kò fi tó ẹ̀rí, àti ohun tó yẹ ká fi kún un kó tó di ẹ̀rí.

7.1 Ìbéèrè tó wà nílẹ̀

Ìtagunmódì jẹ́ ìlú kòkó àti góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀ka-èdè tí wọ́n bá níbẹ̀ wà lára ẹ̀ka Àárín Gbùngbùn, pẹ̀lú Ifẹ̀ àti Èkìtì. Ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń dá ẹ̀ka yìí mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ lè fi fáwẹ́lì "u" bẹ̀rẹ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, èyí kò ṣeé ṣe. Ibi tí ìwé ti kọ "ilé", "iṣu" àti "iyán", Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé á pè é ní "ulé", "uṣu" àti "uyán".

Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ìlú yìí, ó gbọ́ "ulé" lẹ́nu ìyá àgbà, ó sì gbọ́ "ilé" lẹ́nu ọmọ-ọmọ ìyá náà. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹ̀ka-èdè yìí ń parẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé bí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, pé "ilé" ló ń wí, tó fi wá dàgbà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọmọ-ọmọ náà á dàgbà, òun náà á sì máa wí "ulé". Kò sí ohun kankan tó ń parẹ́.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Bí a bá ní ká dúró títí ọmọ náà á fi di arúgbó, àwa tí à ń ṣèwádìí kò ní sí láyé mọ́. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ìlò-èdè láwùjọ dá sí i ni orí yìí dá lé.

7.2 Kí ni ìgbà àfarahàn?

Ìgbà gidi ni kí á ṣe ìwádìí lónìí, ká tún padà wá ṣe é lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká sì fi èkínní wé èkejì. Ìgbà àfarahàn ni kí á kó àgbà, géńdé àti ọ̀dọ́ ìlú kan náà jọ ní àsìkò kan ṣoṣo, ká gba ohùn wọn sílẹ̀, ká sì to èsì wọn láti orí ẹni tó dàgbà jù dé orí ẹni tó kéré jù. Ọjọ́-orí ló dúró fún àkókò tó ti kọjá.

Èrò kan ló gbé gbogbo ọ̀nà yìí ró, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n dunjú: pé ìró àti gírámà tí ènìyàn bá gbé dé ìparí ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí ayé, láìyí padà púpọ̀. Bí èrò yìí bá tọ̀nà, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgọ́rin ọdún ní 2025, tí a bí ní 1945, ń sọ fún wa bí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí 1960. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ń sọ fún wa nípa nǹkan bí 2010. Bí èrò náà kò bá tọ̀nà, tí àwọn ènìyàn ń pààrọ̀ ìró wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà, àtẹ wa kò sọ ohunkóhun nípa 1960. Ohun tí àwọn àgbà ń ṣe lónìí nìkan ló sọ.

7.3 Àpẹẹrẹ tó là á mọ́lẹ̀: erékùṣù Martha's Vineyard

Ní 1961, William Labov lọ sí erékùṣù Martha's Vineyard ní etí òkun Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Ó gba ohùn ọmọ ìlú 69 sílẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963. Fáwẹ́lì alápapọ̀ méjì ló tẹ̀ lé: èyí tó ń dún bí "ai" àti èyí tó ń dún bí "au". Ní erékùṣù náà, àwọn kan kì í bẹ̀rẹ̀ fáwẹ́lì wọ̀nyí láti ìsàlẹ̀ ẹnu. Wọ́n máa ń gbé ahọ́n sókè díẹ̀ sí àárín ẹnu. Labov fún ìgbéga yìí ní òǹkà: bí òǹkà bá ṣe ga tó ni ìró àwọn ará erékùṣù ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ẹni náà. Èyí ni ohun tó rí:

Ọjọ́-orí | "ai" | "au"
Ju 75 lọ | 25 | 22
61–75 | 35 | 37
46–60 | 62 | 44
31–45 | 81 | 88
14–30 | 37 | 46

Ẹ ka àtẹ náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà láàárín ọdún 31 sí 45, òǹkà ń ga sí i ní ẹsẹẹsẹ. Èyí ni àpẹẹrẹ àyípadà tó ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òǹkà àwọn ọ̀dọ́ já wálẹ̀. Bí a bá kàn fi ojú wò ó lásán, a lè ní àyípadà náà ti yí padà sẹ́yìn. Labov kò fi ojú lásán wò ó. Ó yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé àwọn tó fẹ́ kúrò ní erékùṣù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìró náà, nígbà tí àwọn tó fẹ́ dúró ń lò ó ju àwọn bàbá wọn lọ. Ọjọ́-orí nìkan kọ́ ló wà nínú àtẹ ọjọ́-orí. Ìfẹ́ ilé àti èrò ọjọ́ iwájú wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kejì tún wà tó ṣe pàtàkì fún orí yìí. Ní 1933, Guy Lowman ti wá sí erékùṣù náà fún iṣẹ́ àkójọ àwòrán ilẹ̀ èdè, ó sì ti kọ bí àwọn àgbà díẹ̀ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìgbéga "ai" wà níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ti "au" kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Nítorí náà, kì í ṣe pé gbogbo ará erékùṣù ló máa ń gbé "au" ga bí wọ́n bá ti wà ní géńdé, tí wọ́n á sì jáwọ́ bí wọ́n bá di arúgbó. Ìró náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ló sọ àtẹ ọjọ́-orí di ẹ̀rí.

7.4 Bí a ṣe lè ṣe é ní Ìtagunmódì

Ìwádìí irú èyí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ní 1991, L. Oladipo Salami tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ìyàtọ̀ ìró nínú Yorùbá Ilé-Ifẹ̀ àti bí àjọṣe àwọn ènìyàn láwùjọ ṣe kan ìyàtọ̀ náà. Ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yan oníyípadà kan, ẹ sì pààlà rẹ̀. Oníyípadà wa ni fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ bí ilé/ulé. Ẹ̀dà rẹ̀ méjì ni "u" àti "i". Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà, kí ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dà méjèèjì ti lè jẹyọ. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń fi "i" pè láìsí ìyàtọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú òǹkà. Orúkọ ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, nítorí bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣìnà ni ìpajẹ. Bí ẹnì kan bá ní "ó wálé", fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ. A kò lè mọ̀ bóyá "wá ilé" tàbí "wá ulé" ló fi ṣe é, nítorí náà a kò ní kà á. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ju gbogbo ìpajẹ nù. Ẹ wo ọ̀rọ̀-atọ́kùn "ní". "N" inú rẹ̀ máa ń di "l" bí fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e kì í bá ṣe "i": ní owó di lówó, ní ọjà di lọ́jà. Bí ẹnì kan bá ní "nílé", ẹ̀dà "i" ló lò. Bí ó bá ní "lúlé", ẹ̀dà "u" ni, kọ́ńsónáǹtì pàápàá sì ti jẹ́rìí sí i. Ibi tí etí bá ń ṣiyèméjì lórí fáwẹ́lì, "n" àti "l" á yanjú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan olùsọ̀rọ̀. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ márùn-ún: 15–24, 25–39, 40–54, 55–69, àti 70 sókè. Bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá ní ọkùnrin mẹ́rin àti obìnrin mẹ́rin, gbogbo wọn á jẹ́ 40. Ẹni tí a bí sí ìlú, tàbí tó dé ibẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló yẹ. Òfin yìí ṣe pàtàkì gan-an ní ìlú tí iṣẹ́ góòlù wà, nítorí iṣẹ́ náà máa ń fa àlejò láti ọ̀nà jíjìn, tó sì jẹ́ pé géńdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá kó àwọn géńdé àlejò mọ́ géńdé ọmọ ìlú, òǹkà "u" á já wálẹ̀ ní ọ̀wọ́ 25–39. A ó rò pé àyípadà la rí, àlejò la sì rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé, "Báwo lẹ ṣe ń pe ilé níbí?" Bí ẹ bá bèèrè bẹ́ẹ̀, kíá ni ọ̀dọ́ á sọ "ulé" kó lè fi hàn pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà lòun, bẹ́ẹ̀ ó lè máà lò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn fún nǹkan bíi wákàtí kan: bí wọ́n ṣe kọ́ ilé àkọ́kọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń gún iyán níjọ́ ọdún, ọdún tí kòkó so dáadáa. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá ti máa ń jáde láìjẹ́ pé ẹni náà fura. Ẹni tó ń bèèrè náà ṣe pàtàkì. Bí àlejò láti ìlú ńlá bá ń fi Yorùbá ìwé bi ìyá àgbà ní ìbéèrè, ìyá àgbà náà á fi Yorùbá ìwé dá a lóhùn nítorí pé ó ń bọ̀wọ̀ fún àlejò. Ọmọ ìlú ni kó bèèrè, kí ó sì jẹ́ ọmọ ìlú kan náà fún gbogbo ọ̀wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kà, ẹ sì pín. Bí olùsọ̀rọ̀ kan bá ní ààyè 40 tí "u" tàbí "i" ti lè jáde, tó sì lo "u" ní 30 nínú wọn, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ṣe ti ọ̀wọ́, kí ẹlẹ́jọ́-wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo má baà gba òǹkà gbogbo ọ̀wọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

7.5 Bí a ṣe ń ka àwòrán tó bá jáde

Àwòrán mẹ́rin ló ṣeé ṣe.

Bí gbogbo ọ̀wọ́ bá dọ́gba, oníyípadà náà dúró síbi kan. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ló yàtọ̀, tàbí ilé àti ọjà, ṣùgbọ́n ọjọ́-orí kò sí nínú rẹ̀.

Bí "u" bá ń dínkù díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ arúgbó dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, àyípadà tó ń lọ lọ́wọ́ la kọ́kọ́ máa fura sí.

Bí "u" bá pọ̀ láàárín àwọn arúgbó, tó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́-orí kan, tó sì dúró síbẹ̀, ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní 1949 ló pé ọdún mẹ́fà lọ́dún náà. Yorùbá tó wà nínú ìwé kíkà ilé-ìwé, "ilé" ni, kì í ṣe "ulé". Bí ibi tí àwòrán ti já bá bọ́ sáàárín àwọn tí a bí ṣáájú 1949 àti àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀, ilé-ìwé ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ wá fi ẹni tó lọ sílé-ìwé àti ẹni tí kò lọ nínú ọ̀wọ́ kan náà wé ara wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Bí "u" bá pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn arúgbó, tó sì kéré láàárín àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ìlò-èdè ìpele ọjọ́-orí lèyí sábà máa ń jẹ́. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń lo Yorùbá àjùmọ̀lò nítorí iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà sílé, èdè ilé á padà sẹ́nu wọn. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọ̀nà yìí kọjá, bẹ́ẹ̀ èdè ìlú wà níbi tó wà.

Àwòrán kejì ló ṣòro jù, nítorí ìpele ọjọ́-orí náà lè gbé irú rẹ̀ jáde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ òwe. Bí a bá ka òwe lẹ́nu àwọn olùsọ̀rọ̀ wa 40, ó dájú pé ti àwọn àgbà á pọ̀ jù, ti àwọn ọ̀dọ́ á sì kéré jù, òǹkà á sì sọ̀ kalẹ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ṣé òwe ń parẹ́ ni? Kò dandan. Àṣà wa ló ní kí ọmọdé má máa pòwe níwájú àgbà. Bí ó bá fẹ́ pa á, á kọ́kọ́ ní "tótó ó ṣe bí òwe", àwọn àgbà á sì fún un láṣẹ. Ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni yóò máa pa nígbà tí òun náà bá di àgbà. Ní ìdàkejì, ẹnà tí àwọn ọmọdé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ àṣírí pọ̀ lẹ́nu wọn, àgbà kì í sì í lò ó, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè ní ẹnà ń gbilẹ̀ láàárín gbogbo ìlú. Àwọn ọmọ á dàgbà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún àbúrò wọn.

Ohun tó jọra nínú òwe àti ẹnà ni pé àwọn ènìyàn mọ̀ pé àwọn ń lò ó, àwùjọ sì mọ ọjọ́-orí tó tọ́ sí i. Èyí fún wa ní àmì kan. Bí oníyípadà bá jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí òbí ń torí rẹ̀ bá ọmọ wí, ìpele ọjọ́-orí ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ ìró tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí, ó ṣòro kí ènìyàn tó pààrọ̀ rẹ̀ lágbà. Ó hàn pé "ulé" wà lára èyí tí wọ́n kíyè sí, nítorí ará ìlú mìíràn máa ń sín Ìjẹ̀ṣà jẹ lórí rẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ gba ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ gbọ́ láìwá ẹ̀rí mìíràn.

7.6 Ìdákọ̀ró nínú ìgbà gidi

Ẹ̀rí mìíràn náà ni ohunkóhun tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1967, Abiodun Adetugbo parí iṣẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia lórí àwọn agbègbè ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Iṣẹ́ náà ló pín ẹ̀ka-èdè wa sí Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ohun tí àkọsílẹ̀ Lowman ṣe fún Labov, ṣùgbọ́n ó ní ààlà tó yẹ ká mọ̀. Ẹni tó ń kó ẹ̀ka-èdè jọ sábà máa ń lọ bá àgbà, á sì máa bi í ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé ẹ̀dà kan wà. Kò lè sọ bí ó ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ọ̀dọ́ ọdún náà. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ nígbà àtijọ́ sàn jù ú lọ: kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìpàdé ẹbí, tí ohùn ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà wà lórí rẹ̀. Bí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ gba ohùn rẹ̀ lónìí, kí ẹ fi wé ti ìgbà náà. Kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ.

Bí a kò bá rí àkọsílẹ̀ kankan, ó ku kí á padà wá. Ọ̀nà méjì ni. Èkínní ni kí á padà bá àwọn ènìyàn kan náà. Èkejì ni kí á yan àwọn mìíràn tó bá ọ̀wọ́ àtijọ́ mu. Ní abúlé Charmey ní Switzerland, Louis Gauchat kọ ìyàtọ̀ ìran mẹ́ta sílẹ̀ ní 1905. E. Hermann sì padà síbẹ̀ ní 1929. Ó rí i pé àwọn àyípadà kan ti tẹ̀ síwájú bí Gauchat ṣe rò. Ṣùgbọ́n ìyípadà ìró kan wà tó ṣì ń ṣe ségesège níbi tí wọ́n fi í sí. Ìyàtọ̀ ìran kan náà la rí nínú gbogbo wọn ní 1905. Ìgbà gidi ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní Montréal, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n gba ohùn àwọn ènìyàn kan sílẹ̀ ní 1971, wọ́n sì tún gba ti àwọn kan náà ní 1984. Gillian Sankoff àti Hélène Blondeau tẹ àbájáde jáde ní 2007 lórí ìró "r", tó ń kúrò ní orí ahọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn àgbàlagbà náà kò yí padà, àwọn díẹ̀ sì yí padà sí ọ̀nà tí ìlú ń lọ. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èrò tó gbé ìgbà àfarahàn ró kò jìnnà sí òótọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn àgbà kan ń bá àwọn ọ̀dọ́ rìn díẹ̀, òǹkà àgbà lónìí ti súnmọ́ ti ọ̀dọ́ ju bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Àtẹ ọjọ́-orí máa ń jẹ́ kí àyípadà dà bíi pé ó lọ́ra ju bó ṣe yá tó gan-an.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i ní Ìtagunmódì pé "u" ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìran dé ìran, ohun tó lè kọ sílẹ̀ ni pé ìsọ̀kalẹ̀ náà bá àyípadà mu, pé òun ti yọ àlejò kúrò, òun ti yẹ ilé-ìwé àti iṣẹ́ wò, àti pé àkọsílẹ̀ àtijọ́ báyìí báyìí ló tì í lẹ́yìn. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sì tọ́jú ohùn àwọn ènìyàn 40 náà pẹ̀lú ọjọ́, ọjọ́-orí àti ibi tí wọ́n ti gbà á, kí ẹlòmíràn lè rí ohun fi wé nígbà tó bá padà wá.

Ìdánrawò

1. Nínú "ó wálé", "ó wà lúlé" àti "iṣu ti jiná", èwo ni ẹ lè kà fún oníyípadà u/i, èwo ni ẹ kò ní kà? Ẹ sọ ìdí.
2. Ẹ tún wo àtẹ 7.3. Ká ní Labov kò bi àwọn ọ̀dọ́ bóyá wọ́n fẹ́ dúró tàbí wọ́n fẹ́ lọ, àṣìṣe wo ni ì bá ṣe?
3. Ẹ yan ohun kan nínú èdè ìlú yín tó yàtọ̀ lẹ́nu àgbà àti ọmọdé. Ẹ sọ ìdí kan tó lè fi jẹ́ àyípadà, ìdí kan tó lè fi jẹ́ ìpele ọjọ́-orí, àti ẹ̀rí àtijọ́ kan tí ẹ lè wá láti fi yanjú rẹ̀.
4. Ẹni ọgọ́rin ọdún kan lo "u" ní 24 nínú ààyè 40, bẹ́ẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà nígbà tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún, 34 nínú 40 ló lò. Kí ni èyí sọ nípa èrò tó gbé ìgbà àfarahàn ró? Ọ̀nà wo ni ẹni náà gbà yí padà, kí sì ni yóò ṣe sí àtẹ yín?